Owó iná kan, tókìnnì méjì: àkọsílẹ̀ àtúnṣe sáfà ìsanwó

Àǹtí kan tó ní ṣọ́ọ̀bù tí àwọn èèyàn ti ń san owó iná, tí wọ́n sì ti ń ra káàdì ìpè, ló pè mí pé kí n wá bá wọn wo áàpù tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù wọn ń lò. Ṣọ́ọ̀bù wọn ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n wà káàkiri láti Ìkòròdú títí dé Abẹ́òkúta, sáfà kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn ń bá sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ọjà ń lọ dáadáa," ni wọ́n wí, "àmọ́ owó inú wọ́lẹ́ẹ̀tì ń dín ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti ka owó àwọn ọmọ yìí títí, kò sí olè nínú wọn."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ sáfà ná, mà," ni mo dáhùn.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò sí olè níbẹ̀ rárá. Ohun tó ń jẹ owó wọn ni ìdáhùn tí kò tètè dé, àti ohun tí ẹni tó kọ sọ́fítíwíà yẹn tẹ́lẹ̀ ní kí sáfà máa ṣe nígbà tí kò bá rí ìdáhùn. Mo kọ gbogbo bí mo ṣe tún un ṣe síbí fún ẹni tó bá ń kọ́ irú rẹ̀, nítorí mo ti rí àṣìṣe kan náà nínú sọ́fítíwíà tó ju ẹyọ kan lọ.

Ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà

Ẹni tó bá san 5,000 náírà owó iná ní ṣọ́ọ̀bù máa ń rò pé ilé-iṣẹ́ apínná gan-an lòun ń bá ṣe. Ọ̀nà náà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù á tẹ nọ́ńbà mítà sínú áàpù, áàpù á gbé e fún sáfà wa, sáfà wa á sì gbé e fún alágbàtà. Alágbàtà ni ilé-iṣẹ́ tó ti bá àwọn apínná, àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti àwọn onítẹlifíṣọ̀n ṣe àdéhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó wá kó gbogbo wọn sí ojú-ọ̀nà kan, kí irú àwa yìí má bàa máa kan ilẹ̀kùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn, alágbàtà tiwa gan-an kì í dé ọ̀dọ̀ apínná tààrà. Ó lè jẹ́ alágbàtà mìíràn ló ń gbà kọjá, a kò sì ní mọ̀. Ìgbà tí ìbéèrè bá dé ọ̀dọ̀ apínná ni ẹ̀rọ tó ń ta iná níbẹ̀ á ṣe tókìnnì, tókìnnì á wá gba ọ̀nà yẹn kan náà padà, láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí á fi dé orí ìwé pélébé tí wọ́n tẹ̀ fún oníbàárà.

Ohun tó yẹ kí èèyàn fi sọ́kàn ni pé owó kì í bá ìbéèrè yìí rìn. Owó tí oníbàárà mú wá wà nínú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Àwa ti kó owó sí wọ́lẹ́ẹ̀tì wa lọ́dọ̀ alágbàtà ṣáájú, alágbàtà náà ti kó tiẹ̀ sọ́dọ̀ apínná ṣáájú. Tí ọjà kan bá lọ, oníkálukú kàn ń yọ iye yẹn kúrò nínú ìwé tiẹ̀ ni. Nítorí náà, ìwé mẹ́ta ló ń ròyìn ọjà kan ṣoṣo: tiwa, ti alágbàtà, ti apínná. Tí ìròyìn wọn bá bára mu, ó parí. Wàhálà wà níbi tí ìwé kan ti ń sọ pé ọjà lọ, tí èkejì sì ń sọ pé kò lọ.

Kí ìsanwó tó bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan wà tó máa ń ṣáájú: a máa ń fi nọ́ńbà mítà béèrè orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ni ín. Èyí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Mo rí i pé áàpù àtijọ́ ń ṣe é, ṣùgbọ́n orúkọ náà kàn ń kọjá lójú àwòrán ni, bọ́tìnnì ìsanwó sì ti ṣí sílẹ̀ kó tó dé. Mo tì í pa títí orúkọ á fi hàn, kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù lè kà á sókè fún oníbàárà. Nọ́ńbà mítà jẹ́ 11 tàbí 13, ẹnikẹ́ni lè ṣi ẹyọ kan tẹ̀.

Ohun tí àkọsílẹ̀ sáfà fi hàn

Mo gba ìwé wọ́lẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ alágbàtà, mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ sáfà wa. Mo to méjèèjì ní ìtẹ̀léra nọ́ńbà mítà àti àkókò. Kò pẹ́ tí mo fi rí èyí:

```
14:02:07  SEND     202502151402k7q9  meter=...4471  5000
14:02:37  TIMEOUT  202502151402k7q9
14:02:38  SEND     202502151402m3xd  meter=...4471  5000
14:02:44  OK       202502151402m3xd  token=...2813
```

Sáfà wa fi ìbéèrè àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kò rí èsì, ló bá já ìlà. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lẹ́yìn náà, ó ṣe nọ́ńbà ìtọ́kasí tuntun, èyí tí alágbàtà fi ń dá ọjà kọ̀ọ̀kan mọ̀, ó sì tún béèrè. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì dáhùn, tókìnnì jáde, oníbàárà sì lọ ilé rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé alágbàtà, `202502151402k7q9` parí ní 14:02:40, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré lẹ́yìn tí a já ìlà. Méjèèjì lọ. A gba 5,000 náírà lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́lẹ́ẹ̀tì sì san ìlọ́po méjì. Tókìnnì àkọ́kọ́ kò sọnù o: apínná fi í ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó ni mítà gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́, ẹni náà sì tẹ méjèèjì sínú mítà.

Kóòdù tó ṣe é nìyí, mo gé e kúrú:

```python
for i in range(3):
    try:
        return pay(new_id(), meter, amount)
    except Timeout:
        continue
refund(agent, amount)
```

Ẹ wo ibi tí `new_id()` wà: inú òbìrípo ni. Gbogbo ìgbà tó bá tún béèrè, nọ́ńbà tuntun ló ń gbé lọ, alágbàtà sì gbọ́dọ̀ gbà pé ọjà mìíràn ni. Tí ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kọjá láìsí ìdáhùn, ó dá owó padà sínú àkáǹtì ọmọ ṣọ́ọ̀bù nínú áàpù. Ní ọjọ́ tí ìlà bá falẹ̀ gan-an, ó ṣeé ṣe kí tókìnnì mẹ́ta jáde, kí a sì tún dá owó padà lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí n fi bí èrè ṣe kéré tó hàn yín. Ká ní alágbàtà ń fún wa ní 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí iná. Lórí 5,000 náírà, 75 náírà nìyẹn. Tókìnnì kan ṣoṣo tó jáde lẹ́ẹ̀mejì jẹ èrè ọjà irú rẹ̀ tó lé ní 66.

Ìdí tí a kò fi lè gba tókìnnì padà

Ohun àkọ́kọ́ tí Àǹtí béèrè nígbà tí mo fi èyí hàn wọ́n ni pé ṣé apínná kò lè fagi lé ọ̀kan nínú méjèèjì ni. Ìbéèrè tó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ ló sì pinnu bí mo ṣe kọ gbogbo ìyókù.

Mítà ilé tí a ń tẹ tókìnnì sí kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìlànà kan tí wọ́n ń lò káàkiri ayé, STS, ló ń darí rẹ̀. Mítà kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí tiẹ̀. Ẹ̀rọ ààbò kan lọ́dọ̀ apínná á mú iye yúnìtì àti ìṣẹ́jú tí wọ́n ta á, á fi kọ́kọ́rọ́ mítà yẹn dì wọ́n, ohun tó bá jáde á sì di nọ́ńbà 20 tí a ń tẹ̀. Mítà á fi kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀ tú u, á rí i pé òun ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, á sì fi yúnìtì kún. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Tí tókìnnì bá ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn, kò sí okùn kankan tí apínná lè fà tí á fi padà.

Mítà máa ń rántí ìṣẹ́jú tó wà lára àwọn tókìnnì tó ti gbà, nítorí náà ẹni tó bá tẹ tókìnnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, mítà á sọ fún un pé wọ́n ti lò ó. Ó tọ́ kí á ya èyí sọ́tọ̀ dáadáa: tókìnnì kan tí a tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n tókìnnì méjì tó jáde fún owó kan, méjèèjì ló máa ṣiṣẹ́. Lórí 5,000 náírà, tí a bá yọ owó-orí ọjà tó jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ku 4,651.16. Tí iye yúnìtì kan bá jẹ́ 209.50 náírà, iye tí wọ́n kéde fún àwọn tó wà ní ìpele A ní oṣù Keje 2024, yúnìtì 22.2 ni oníbàárà yóò gbà. Oníbàárà tiwa gba 44.4.

Káàdì ìpè náà rí bẹ́ẹ̀, àfi pé ó yára jù ú lọ. Ẹni tí kírẹ́díìtì bá wọlé fún lè ti fi pe ìyá rẹ̀ kí á tó mọ̀ pé ó wọlé.

Ipò kẹta

Sọ́fítíwíà àtijọ́ mọ ipò méjì péré: ó lọ, tàbí kò lọ. Àìrí ìdáhùn, ó kà á sí kò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlà bá já, ohun tí a mọ̀ kò ju pé a kò mọ̀ lọ. Ó lè jẹ́ pé ìbéèrè kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ alágbàtà. Ó lè jẹ́ pé ó dé ọ̀dọ̀ alágbàtà, ó sì ń dúró ní ẹnu ọ̀nà apínná. Ó sì lè jẹ́ pé tókìnnì ti jáde, ìdáhùn ló kú sójú ọ̀nà. Láti ọ̀dọ̀ wa, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra délẹ̀, kò sí bí a ṣe lè fi ojú yà wọ́n.

Mo wá fi ipò kẹta kún un, `UNKNOWN`, mo sì fi òfin kan dè é: tí ọjà bá wà ní ipò yìí, a kò gbọ́dọ̀ dá owó padà, a kò gbọ́dọ̀ tún un rà, a kò sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ fún alágbàtà mìíràn. Ohun kan ṣoṣo tí a lè ṣe ni pé kí á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà ìtọ́kasí tó ní láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ìyẹn tó lè ṣeé ṣe, nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ ti wà nínú dátábéèsì kí ìbéèrè tó kúrò nílé. Mo mú un jáde nígbà tí ojú-ìwé ìjẹ́rìísí bá ṣí, kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó tẹ bọ́tìnnì. Bó bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹ́rin nítorí pé fóònù ń falẹ̀, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo rẹ̀ gbé, dátábéèsì kò sì ní gbà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí oníbàárà bá sì fẹ́ ra káàdì 200 náírà lẹ́ẹ̀mejì ní tòótọ́, á ṣí ojú-ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, á sì ní nọ́ńbà méjì.

```python
def new_id():
    t = datetime.now(ZoneInfo("Africa/Lagos"))
    return t.strftime("%Y%m%d%H%M") + secrets.token_hex(4)
```

Alágbàtà tí a ń lò fẹ́ kí nọ́ńbà 12 àkọ́kọ́ jẹ́ ọjọ́ àti àkókò ti Èkó. Sáfà wa ń lo àkókò UTC, tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Láti aago méjìlá òru sí aago kan, ọjọ́ àná ni ìbá máa kọ, nítorí náà mo kọ `Africa/Lagos` síbẹ̀ ní gbangba dípò kí n gbẹ́kẹ̀ lé aago sáfà.

Lẹ́yìn náà ni ibi tí a ti ń ka ìdáhùn:

```python
def decide(reply):
    if reply is None:
        return "UNKNOWN"
    if reply["status"] == "delivered":
        return "DONE"
    if reply["code"] in SURE_FAIL:
        return "FAILED"
    return "UNKNOWN"
```

`SURE_FAIL` ni àkójọ kóòdù tí alágbàtà ti ṣàlàyé nínú ìwé wọn pé ìbéèrè kò kọjá ẹnu ọ̀nà wọn: nọ́ńbà mítà tí kò sí, owó tó kéré ju èyí tí apínná ń gbà, wọ́lẹ́ẹ̀tì wa tó gbẹ. Mo ka ìwé náà, mo sì mú ìwọ̀nba tó dá mi lójú nìkan. Kóòdù yòówù tí n kò bá mọ̀, títí kan èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá lọ́la, inú `UNKNOWN` ló máa bọ́ sí. Ó dára kí owó oníbàárà kan dúró díẹ̀ ju kí á pinnu ohun tí a kò mọ̀.

Owó ọmọ ṣọ́ọ̀bù náà kò tún ń kúrò lójú ẹsẹ̀ mọ́. Mo ń dá a dúró ni: kò lè ná an, ṣùgbọ́n kò tíì lọ. `DONE` ló ń mú un lọ, `FAILED` ló ń tú u sílẹ̀.

Bíbéèrè padà, àti ìdáhùn kan tó ń tan ni jẹ

Iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn sáfà báyìí tó ń mú gbogbo ọjà tó wà ní `UNKNOWN`, tó sì ń béèrè wọn lọ́wọ́ alágbàtà. Ó kọ́kọ́ béèrè lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 10, lẹ́yìn náà ní 30, ní ìṣẹ́jú kan, ní ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀pọ̀ jù lọ máa ń yanjú ní ìgbà àkọ́kọ́ tàbí ìkejì. Ìdáhùn ìbéèrè yìí máa ń gbé tókìnnì wá, tókìnnì àkọ́kọ́ gan-an ni, kì í ṣe tuntun. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù á kàn tẹ ìwé fún oníbàárà bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀.

Ibì kan wà tó yẹ kí á ṣọ́ra. Bí a bá tètè béèrè jù, alágbàtà lè dáhùn pé òun kò mọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ kóòdù kíákíá á rò pé ìdáhùn yìí parí ọ̀rọ̀: wọn kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà kò lọ, ẹ dá owó padà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ lè ṣì wà lórí ìlà, kó má tíì wọnú ìwé wọn, tàbí kí ẹ̀rọ tó ń gba ìbéèrè àti ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè yàtọ̀ síra, kí èkejì má tíì gbọ́ ohun tí àkọ́kọ́ ń ṣe. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi nínú àkọsílẹ̀: "kò sí" ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, "ó ń lọ" ní 30, tókìnnì ní ìṣẹ́jú kan.

Nítorí náà, "kò sí" kò di `FAILED` àyàfi tó bá ti pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a fi ìbéèrè àkọ́kọ́ ránṣẹ́, tí ìwé wọ́lẹ́ẹ̀tì tí a gbà lọ́dọ̀ alágbàtà náà kò sì ní nọ́ńbà yẹn nínú. Méjèèjì gbọ́dọ̀ wà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn kì í ṣe òfin tó wá láti ibì kankan. Mo yàn án nítorí pé ó ju àkókò tí alágbàtà wa sọ pé àwọn fúnra wọn máa ń dúró de apínná lọ dáadáa.

Alágbàtà náà tún máa ń fi ìfitónilétí ránṣẹ́ sí sáfà wa fúnra rẹ̀ nígbà tí ọjà bá parí. Mo gbà á, ṣùgbọ́n n kò ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sí òótọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdírẹ́sì yẹn lè kọ "delivered" síbẹ̀. Bí ìfitónilétí bá dé, sáfà kàn ń mú nọ́ńbà ìtọ́kasí nínú rẹ̀, ó sì ń lọ béèrè fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Tókìnnì kì í ṣe iye

Ẹ̀dùn ọkàn kejì tí mo bá níbẹ̀ kò jẹ owó, oníbàárà ló ń lé lọ. Àwọn kan máa ń padà wá pé mítà kò gba tókìnnì. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù á ní wọ́n ṣì í tẹ̀, wọ́n á sì jọ máa fà á.

Mo wo tókìnnì tí mítà kọ̀, mo sì rí i pé òdo mẹ́rin ló parí wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ni. Apá tó ń fi tókìnnì hàn nínú áàpù ń gbà á gẹ́gẹ́ bí iye, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. JavaScript kò lè mú odidi iye tó ju 9007199254740991 lọ láìṣì, nọ́ńbà 16 péré sì nìyẹn. Ẹ fún un ní 20, ohun tó máa ṣe nìyí:

```
> Number("61840275519306472813")
61840275519306470000
```

`2813` ti di `0000`. Nígbà tí ẹnì kan ní ọ́fíìsì bá sì ṣí àkójọ ọjà nínú Excel, tiẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nọ́ńbà 15 àkọ́kọ́ nìkan ló máa kù, márùn-ún tó gbẹ̀yìn á di òdo. Bí òdo bá sì wà níwájú tókìnnì, ó lọ nìyẹn.

Mo sọ tókìnnì di ọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìwé tí a tẹ̀, mo sì ń pín in sí mẹ́rin mẹ́rin kó lè rọrùn kà. Mo fi àyẹ̀wò kékeré kan kún un: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 20 géérégé, kò sì gbọ́dọ̀ fi 8 tàbí 9 bẹ̀rẹ̀. Ìdí ni pé bíìtì 66 ni tókìnnì STS, iye tó tóbi jù lọ tó lè wọnú rẹ̀ kò sì kọjá ohun tó fi 7 bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ má wulẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fún oníbàárà.

Ohun kan náà tó jọ èyí ni pé tábìlì àtijọ́ ní àyè fún tókìnnì kan péré. Àwọn mítà STS ń ka ìṣẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, àyè tí wọ́n fi ń kà á sì kún ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá 2024. Mítà tó bá ṣì wà lórí kíkà àtijọ́ yẹn gbọ́dọ̀ gba tókìnnì méjì àkànṣe tó ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà kó tó lè gba tókìnnì iná tuntun. Fún irú mítà bẹ́ẹ̀, ìdáhùn kan lè gbé mẹ́ta wá, méjì ti kọ́kọ́rọ́ ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú. Áàpù àtijọ́ á mú ọ̀kan, á sì ju méjì nù. Mo fún tókìnnì ní tábìlì tiwọn, pẹ̀lú ìtẹ̀léra, ìwé tí a ń tẹ̀ sì ń kọ 1, 2, 3 sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Káàdì ìpè, ní ṣókí

Nọ́ńbà ìtọ́kasí, ipò kẹta àti bíbéèrè padà kan náà ni mo lò fún káàdì. Ohun kan ló yàtọ̀. Áàpù àtijọ́ ń fi nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ fóònù pinnu nẹ́tíwọ́ọ̀kì: 0803 ni MTN, 0802 ni Airtel, 0805 ni Glo. Láti ọdún 2013 ni àǹfààní ti wà ní Nàìjíríà láti gbé nọ́ńbà ẹni lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, nítorí náà ẹni tó ní 0803 lè wà lórí Airtel. Mo jẹ́ kí áàpù máa dá a lábàá nìkan, kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù béèrè, kó sì yàn án fúnra rẹ̀. Bí oníbàárà bá sì ń jiyàn pé kò wọlé, a máa ń sọ fún un kó tẹ `*310#` kó wo iye tó kù, kódà kí sáfà tó rí èsì.

Alágbàtà kejì

Àǹtí fẹ́ kí n fi alágbàtà kejì kún un, kí ọjà má dúró bí ti àkọ́kọ́ bá sùn. Mo ṣe é, ṣùgbọ́n mo ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀nà kejì yìí ni ibi tí tókìnnì méjì ti lè tún wọlé bí a kò bá ṣọ́ra. Alágbàtà méjèèjì kò mọ ara wọn. Nọ́ńbà ìtọ́kasí tí ọ̀kan ti gbà kò sọ nǹkan kan fún èkejì. Nítorí náà, `FAILED` nìkan ló lè rékọjá. Ọjà tó wà ní `UNKNOWN` dúró lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ohun tí mo lè ṣe fún ọjà tuntun ni pé bí márùn-ún bá bọ́ sí `UNKNOWN` léra wọn lórí apínná kan, sáfà á yí àwọn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí alágbàtà kejì. Bí ó bá jẹ́ pé apínná fúnra rẹ̀ ló dùbúlẹ̀, ti kejì náà kò ní dáhùn, áàpù á wá ti bọ́tìnnì apínná yẹn pa, á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ṣọ́ọ̀bù.

Bí mo ṣe dán an wò

Ibùdó ìdánwò tí alágbàtà fún wa máa ń dáhùn kíákíá ní gbogbo ìgbà, kò sì wúlò fún àrùn yìí. Mo kọ alágbàtà ayédèrú kan sórí kọ̀ǹpútà mi. Ó ń kọ ọjà sínú ìwé rẹ̀, ó ń ṣe tókìnnì, lẹ́yìn náà ó ń dákẹ́:

```python
@app.post("/pay")
def pay():
    book[request.json["request_id"]] = make_token()
    time.sleep(60)
    return "", 504
```

Mo fi sọ́fítíwíà àtijọ́ bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan: tókìnnì mẹ́ta wà nínú ìwé, owó sì padà sọ́dọ̀ ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Mo fi tuntun bá a sọ̀rọ̀: tókìnnì kan, ọjà ní `UNKNOWN`, lẹ́yìn ìbéèrè padà, `DONE`. Mo tún pa iná sáfà wa láàárín kí ìbéèrè jáde àti kí ìdáhùn dé. Nígbà tó jí, ó rí ọjà náà nínú dátábéèsì, ó sì lọ béèrè.

Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, sáfà á gba ìwé wọ́lẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ alágbàtà, á fi nọ́ńbà ìtọ́kasí tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tiwa, á sì kọ àwọn tí kò bára mu sójú-ìwé kan fún Àǹtí. Àwọn tó ti jáde lẹ́ẹ̀mejì kí a tó tún un ṣe, a to wọn jọ ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Alágbàtà kò lè dá ìyẹn padà nítorí pé nọ́ńbà wọn yàtọ̀, ọjà méjì ni wọ́n rí. Àǹtí pe àwọn oníbàárà tí wọ́n mọ̀ dáadáa, wọ́n sì bá wọn ṣàdéhùn pé nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ ra iná, tókìnnì tí wọ́n ti lò yẹn ni wọ́n á sanwó rẹ̀. Àwọn kan gbà, àwọn kan kò gbé fóònù.

Èyí tó kù ni owó iná ti àwọn tí kò lo tókìnnì, tí wọ́n ń san lẹ́yìn oṣù. Kò sí nọ́ńbà 20 tí á fi hàn pé ó wọlé, ìwé-ẹ̀rí alágbàtà nìkan ló wà, apínná sì lè má fi sínú àkáǹtì oníbàárà títí di ọjọ́ kejì. Fún wọn, mo ń tọ́jú nọ́ńbà ìwé-ẹ̀rí náà sí ibi tí tókìnnì yẹ kó wà, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ fún oníbàárà kó lè mú un lọ sí ọ́fíìsì apínná. N kò tíì fi wọ́n sínú àyẹ̀wò àárọ̀. Ìyẹn ló kàn.